Ìran, ẹ̀yà àti jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kúkúrú?

Ìran ni pípín tí àwọn ènìyàn ń pín ara wọn sí ìsọ̀rí ńláńlá nítorí ohun tí ojú rí lára: àwọ̀ ara, irun, imú, ẹyinjú. Bí ẹnìkan bá sọ pé adúláwọ̀ ni lágbájá, pé aláwọ̀ funfun ni làkáṣègbè, ìran ló ń sọ. Ẹ̀yà ni àwọn ènìyàn tí èdè, àṣà àti ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ so pọ̀, nígbà mìíràn ẹ̀sìn náà, tí àwọn fúnra wọn sì gbà pé ọ̀kan ni àwọn. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin: òun ló so ènìyàn mọ́ ìjọba kan, tí ìjọba náà fi ń fún un ní ìwé ìrìnnà, tí kò fi sí ẹni tó lè dí i lọ́nà nígbà tó bá ń padà wọ ilẹ̀ náà.

Tí wọ́n bá dà pọ̀ mọ́ ọ lójú, bi ara rẹ léèrè pé ta ló ń pinnu. Ojú àwọn ẹlòmíràn ló sábà máa ń pinnu ìran ènìyàn. Àwọn ènìyàn ẹ̀yà náà fúnra wọn ló ń mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn. Òfin ìjọba ló ń pinnu ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìdáhùn yìí tó fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tó fún ayé, nítorí pé àwọn ìjọba kan ti fi ọ̀kan pinnu èkejì rí.

Ṣé ẹ lè fi ẹnìkan ṣe àpẹẹrẹ, kí n lè rí i bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń wà lára ènìyàn kan ṣoṣo?

Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ àpẹẹrẹ tó là á yéni ju ti Bhagat Singh Thind lọ. Ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní Púńjábù, ní àríwá Íńdíà, nígbà tí Íńdíà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1913, ó sì ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú ní ìpínlẹ̀ Ọ́rígọ̀nì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà, ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní 1918. Ẹlẹ́sìn Síìkì ni, nítorí náà láwàní rẹ̀ ló ń wé pẹ̀lú aṣọ ológun. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá a sílẹ̀ tìyìn-tìyìn ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó nísinsìnyí. Ẹ̀yà rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ará Púńjábù ni, èdè Púńjábù ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ẹ̀sìn Síìkì sì ni wọ́n bí i sí. Ní ti orílẹ̀-èdè, ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé ẹ̀yà àti orílẹ̀-èdè kì í ṣe ohun kan náà, torí kò sí ẹni tó lè wo Thind kó sọ pé ẹ̀yà Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìran rẹ̀ ló wá di ẹjọ́. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà.

Kí ló kan ìran ènìyàn nínú gbígba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè?

Òfin ló mú un kàn án. Ní ọdún 1790, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí àjèjì tó bá fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe ẹrú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn àti òpin ìkónilẹ́rú, wọ́n fi kún un ní 1870 pé àwọn tí wọ́n bí ní Áfíríkà àti àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà náà lè gba ìwé. Bí òfin ṣe wà nìyẹn fún àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà méjì péré, ti aláwọ̀ funfun àti ti adúláwọ̀. Ẹni tí kò bá bọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ì báà gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún, àjèjì ni yóò máa jẹ́.

Òfin náà kò sọ ẹni tí aláwọ̀ funfun jẹ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ní 1790 rò pé gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ará Síríà, Jàpáàní, Àméníà àti Íńdíà wá ń dé, adájọ́ kan lè sọ pé funfun ni ẹ̀yà kan, kí adájọ́ mìíràn sì sọ pé rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Thind nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n fún un ní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè ní oṣù Kejìlá 1918, pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì gbà á padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ó tún gbìyànjú ní Ọ́rígọ̀nì, adájọ́ ibẹ̀ fún un ní òmíràn ní 1920. Ìjọba kò gbà, wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Mo gbọ́ pé ará Jàpáàní kan ti kọ́kọ́ gbé irú ẹjọ́ yìí lọ. Kí ni wọ́n sọ fún un?

Takao Ozawa ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Jàpáàní, ó dé Kalifóníà nígbà èwe, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ títí dé yunifásítì, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Háwáì. Ogún ọdún ló ti lò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà tó fi béèrè fún ìwé ní 1914. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ nílé. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìwà àti ìṣe, kò sí ohun tó kù tí Ozawa kò ṣe.

Ọ̀kan nínú ohun tó sọ fún ilé-ẹjọ́ ni pé àwọ̀ ara òun mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ funfun lọ. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì wo ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, àwọ̀, yóò rò pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá 1922, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dáhùn pé àwọ̀ ara kọ́ ni òṣùwọ̀n, nítorí pé láàárín ẹ̀yà kan náà ni o ti máa rí ẹni tó mọ́ lára àti ẹni tó dúdú, wọ́n sì ń wọnú ara wọn. Wọ́n ní ohun tí òfin ń pè ní aláwọ̀ funfun ni ìran tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kọkéṣíà. Ozawa kì í ṣe Kọkéṣíà, nítorí náà kò lè gba ìwé.

Adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà ni George Sutherland. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí òun alára, ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí Amẹ́ríkà. Àjèjì tó di ọmọ onílùú ló ń dá ẹjọ́ àjèjì tó fẹ́ di ọmọ onílùú, n kò sì lè ka ìdájọ́ náà kí n má rántí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ Kọkéṣíà ni òṣùwọ̀n, ṣé Thind kò borí nìyẹn?

Ohun tí òun náà rò nìyẹn, ìrètí rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ìwé onímọ̀ ìgbà náà kọ ọ́ pé Kọkéṣíà ni àwọn ará àríwá Íńdíà. Oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín ìdájọ́ Ozawa àti tirẹ̀, ilé-ẹjọ́ kan náà ló sì dá méjèèjì.

Ní oṣù Kejì 1923, Sutherland tún ni ó kọ ìdájọ́, gbogbo adájọ́ yòókù sì fọwọ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń sọ kọ́ ni òfin ń tẹ̀ lé. Ó ní ohun tí ènìyàn lásán ní ìgboro mọ̀ sí aláwọ̀ funfun ni òfin ń sọ, pé bí onímọ̀ tilẹ̀ pe Thind ní Kọkéṣíà, ènìyàn lásán tó bá rí i kò ní pè é ní funfun. Ni wọ́n bá sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé náà.

Dúró níbí kí o wò ó dáadáa, torí ibi tí ọ̀rọ̀ ìran ti hàn gbangba jù lọ nìyí. Nígbà tí Ozawa gbé ohun tí ojú rí kalẹ̀, wọ́n ní ìwé onímọ̀ ni kó lọ wò. Nígbà tí Thind gbé ìwé onímọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ojú ènìyàn lásán ni. Ká ní ìran jẹ́ ohun tó ní ààlà gidi lára ènìyàn, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ní irú A àti irú B tí àyẹ̀wò kan máa ń fi hàn níbi gbogbo, òṣùwọ̀n kan ni wọn ì bá lò fún àwọn ọkùnrin méjèèjì. Wọ́n yí òṣùwọ̀n padà nítorí pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé.

Níbo ni ọ̀rọ̀ Kọkéṣíà yẹn ti wá gan-an?

Láti ọwọ́ oníṣègùn ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Johann Friedrich Blumenbach. Ó máa ń kó agbárí òkú jọ láti ibi púpọ̀ láyé, ó ń fi wọ́n wé ara wọn. Ní ọdún 1795, ó pín ènìyàn sí oríṣi márùn-ún, ó sì fún àwọn ará Yúróòpù àti àwọn tó sún mọ́ wọn ní orúkọ òkè Kọ́kásọ́ọ̀sì, nítorí pé agbárí obìnrin kan láti Jọ́jíà, lágbègbè òkè náà, ló lẹ́wà jù lójú rẹ̀ nínú gbogbo èyí tó ní. Ìdí tí orúkọ yẹn fi wà títí dòní nìyẹn: ohun tó wu ojú ọkùnrin kan.

Ó yẹ kí a sọ ti Blumenbach náà bó ṣe jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn oríṣi márààrún ń wọnú ara wọn díẹ̀díẹ̀, tí ènìyàn kò fi lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ mú ìsọ̀rí márùn-ún náà, wọ́n fi ìkìlọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣé ẹ ń sọ pé kò sí ìran nínú ara ènìyàn rárá? Ojú mi rí i pé àwọ̀ àwọn ènìyàn yàtọ̀.

Òótọ́ ni ojú rẹ rí, kò sì sí onímọ̀ tó ń jiyàn pé àwọ̀ kò yàtọ̀. Àríyànjiyàn wà lórí bóyá àwọ̀ ń sọ nǹkan mìíràn fún wa nípa ẹni náà. Àwọ̀ ara ń tẹ̀ lé oòrùn. Níbi tí ìtànṣán oòrùn bá ti le fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọ̀ dúdú ń dáàbò bo ara. Níbi tí oòrùn kò bá ti pọ̀, àwọ̀ tó mọ́ ń jẹ́ kí ara lè fi ìwọ̀nba oòrùn náà ṣe fítámì D. Ìdí nìyí tí àwọ̀ àwọn ará gúúsù Íńdíà, àwọn ará erékùṣù Mẹlaníṣíà àti ọ̀pọ̀ ará Áfíríkà fi jọra, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́. Oòrùn kan náà ló kùn wọ́n.

Ní 1972, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard Lewontin wo ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti ọ̀pọ̀ ibi láyé, láti mọ ibi tí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù. Ó rí i pé nǹkan bí ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà ló wà láàárín àwọn tó jẹ́ ará ibì kan náà. Nǹkan bí ìdá mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí tó wà láàárín ìran kan sí òmíràn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí o bá mú ènìyàn méjì láti ìlú kan náà, ìyàtọ̀ tó wà nínú ara wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì tí òkun pín níyà.

Àwọn onímọ̀ lè fi jíìnì mọ agbègbè tí àwọn baba ńlá ènìyàn ti wá, ìyẹn ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n agbègbè kì í ṣe ìran. Wo àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi máa ń rí bí dòjé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àrùn adúláwọ̀. Ibi tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà láti ìgbà pípẹ́ ló máa ń wà, nítorí náà a rí i ní Áfíríkà, a tún rí i ní àwọn apá kan Gíríìsì, Íńdíà àti Saudi Arébíà. Dókítà tó bá fi àwọ̀ wá a yóò fo àwọn tó ní i ní Gíríìsì.

Tí ìran kò bá ní ààlà nínú ara, kí ló dé tí a ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Nítorí pé òfin àti ìwà àwọn ènìyàn ti fún un ní eyín. Ní Kalifóníà, òfin kan wà láti 1913 tó sọ pé àjèjì tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ oko. Kí wọ́n tó dá ẹjọ́ Thind, àwọn àgbẹ̀ láti Púńjábù ní ìrètí pé òfin yìí kò bá àwọn wí. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ó bá wọn wí. Ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà tó ti gbà á tẹ́lẹ̀. Nínú wọn ni àwọn tó ti kọ jíjẹ́ ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nítorí Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn kò ní ibì kankan mọ́.

Ìwé ẹjọ́ náà pe Thind ní Híńdù. Ṣé Híńdù kì í ṣe ẹ̀sìn ni?

Ẹ̀sìn ni, Thind kò sì sí nínú rẹ̀. Síìkì ni, ẹ̀sìn méjèèjì yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, gbogbo ará Íńdíà ni wọ́n ń pè ní Híńdù, ì báà jẹ́ Síìkì, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí. Nínú ètò ìkànìyàn wọn ti 1920, 1930 àti 1940, Híńdù wà lára àwọn ìran tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀sìn di orúkọ ìran.

Irú àṣìṣe yìí ṣì wọ́pọ̀ lónìí, o sì lè mọ̀ ọ́n. Tí o bá gbọ́ tí ẹnìkan ń lo orúkọ ẹ̀sìn tàbí ti orílẹ̀-èdè bí ẹni pé ó ń sọ àwọ̀ tàbí ìrísí, ó ti pa nǹkan méjì pọ̀. Ẹni tó ń sọ pé “ó jọ Mùsùlùmí” wà nínú rẹ̀, nítorí Mùsùlùmí wà ní Indoníṣíà, wọ́n wà ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n wà ní Bọ́sníà, ìrísí wọn kò sì jọra.

Kí wá ló ń sọ ènìyàn di ọmọ ẹ̀yà kan? Ṣé èdè ni?

Èdè ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Ní ilé-ẹjọ́, ẹgbẹ́ Thind sọ pé Àríánì ni Thind, nítorí pé èdè àríwá Íńdíà àti ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù jẹ́ ọmọ ìyá. Sutherland dáhùn pé èdè ni ọ̀rọ̀ Àríánì ń sọ, kì í ṣe ara, pé àìmọye adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo lòdì sí ìdájọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, àmọ́ ibi kan yìí, òótọ́ ló sọ: èdè lè kọjá láti ọ̀dọ̀ àwọn kan sí àwọn mìíràn láìsí pé ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń so ẹ̀yà pọ̀ lè jẹ́ èdè níbì kan, kó jẹ́ ẹ̀sìn níbòmíràn. Ní Bọ́sníà, àwọn Sáábù, àwọn Kúrótì àti àwọn Bọ́síníàkì ń gbọ́ èdè ara wọn yéké. Ẹ̀sìn àti ìtàn ló yà wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn Kọ́ọ̀dì, èdè wọn pàápàá ní oríṣi tó yàtọ̀ síra, síbẹ̀ wọ́n gbà pé Kọ́ọ̀dì ni gbogbo wọn. Ìgbàgbọ́ pé “ọ̀kan ni wá, ibi báyìí ni a ti ṣẹ̀ wá” ni ohun tí kò gbọdọ̀ ṣaláì sí. Òun náà ló jẹ́ kí ẹ̀yà lè yí padà: wọ́n lè fẹ́ ènìyàn wọlé, wọ́n lè gbà á tọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì di ọmọ ẹ̀yà náà pátápátá.

Ṣé ẹ̀yà kan lè wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀?

Ó wọ́pọ̀ gan-an. Àwọn Kọ́ọ̀dì yẹn wà ní Tọ́kì, Ìráànì, Ìráákì àti Síríà, wọn kò sì ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Kọ́ọ̀dì méjì lè jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kí ìwé ìrìnnà wọn má bá ara mu. Púńjábù náà, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní 1947, ààlà là á sí méjì, apá kan bọ́ sí Íńdíà, apá kan sí Pakísítánì. Èdè ń jẹ́ Púńjábù níhìn-ín, ó ń jẹ́ Púńjábù lọ́hùn-ún.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń di ọmọ orílẹ̀-èdè?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: kí wọ́n bí ọ sí ilẹ̀ náà, kí òbí rẹ jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí kí o béèrè nígbà tí o bá ti gbé ibẹ̀ dé ìwọ̀n ọdún tí òfin sọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan èyí tó wù ú. Jàpáàní ń tẹ̀ lé òbí. Amẹ́ríkà ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wo ìyàtọ̀ tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lè mú wá. Wong Kim Ark jẹ́ ọmọ tí àwọn ará Ṣáínà bí sí San Fransísíkò. Àwọn òbí rẹ̀ kò lè di ọmọ Amẹ́ríkà nítorí ìran wọn. Nígbà tó rin ìrìn-àjò lọ sí Ṣáínà tó ń padà bọ̀, wọ́n ní kò ní wọlé. Ní 1898, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan náà sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni, nítorí àtúnṣe kẹrìnlá sí òfin ilẹ̀ wọn, ti 1868, sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ náà lábẹ́ àṣẹ ìjọba rẹ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ìran kò lè dí ọ̀nà ilẹ̀ ìbí, ó ṣì ń dí ọ̀nà ẹni tó ń béèrè. Bí Thind bá bí ọmọ sí Ọ́rígọ̀nì ní 1923, ọmọ Amẹ́ríkà ni ọmọ náà ì bá jẹ́ lọ́jọ́ tí ìjọba ń sọ pé bàbá rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹ láéláé. Àwọ̀ kan náà, ẹ̀yà kan náà, orílẹ̀-èdè méjì.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn má ní orílẹ̀-èdè kankan?

Ó ṣeé ṣe, ó sì ń ṣẹlẹ̀ títí di òní. Ẹni tí kò bá sí ìjọba tó gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ kò lè gba ìwé ìrìnnà, ó sì lè ṣòro fún un láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí kí ó forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Àwọn Rohíńgíà ní Míáńmà wà nínú ipò yìí: òfin 1982 gbé jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ka orí àwọn ẹ̀yà tí ìjọba kà sí onílẹ̀, wọn kò sì ka Rohíńgíà mọ́ wọn. Níbí, ẹ̀yà ni wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n fi ìran ṣe sí Thind. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1961 kà á léèwọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i láti gba jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìran, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí èrò òṣèlú. Àwọn tó kọ ọ́ dárúkọ ìran àti ẹ̀yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé a ti fi kálukú wọn jẹ ènìyàn níyà.

Kí ló gbẹ̀yìn Thind?

Kò kúrò ní Amẹ́ríkà. Ó kàwé, ó ń kọ ìwé, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ẹ̀mí. Ní 1935, ìjọba ṣe òfin kan tó jẹ́ kí àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní lè gba ìwé láìka ìran wọn sí, Thind sì gba tirẹ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì ní 1936. Ìgbà kẹta nìyẹn, wọn kò sì gbà á mọ́. Ní 1946, òfin ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ará Íńdíà yòókù. Ní 1952 ni wọ́n tó yọ ìran kúrò pátápátá nínú òfin gbígba ìwé, tí àwọn ará Jàpáàní bíi ti Ozawa fi lè béèrè.

Ìran wo wá ni ìjọba Amẹ́ríkà ń kọ fún àwọn ará Íńdíà lónìí?

Ó ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn Híńdù. Nínú ètò ìkànìyàn 1970, aláwọ̀ funfun ni wọ́n kà wọ́n sí, ohun náà gan-an tí Thind béèrè tí wọ́n sọ pé kò ṣeé gbọ́ sétí. Ní 1980, wọ́n fún wọn ní àyè tiwọn lábẹ́ àwọn ará Éṣíà. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ láti 1940 dé 1980 ti ní ìran mẹ́ta, ó kéré tán, lórí ìwé, ara rẹ̀ kò sì yí padà.

Nínú fọ́ọ̀mù, tí wọ́n bá béèrè ọmọ orílẹ̀-èdè ibi tí mo ti wá, ṣé ẹ̀yà mi ni kí n kọ?

Rárá, orúkọ orílẹ̀-èdè tó wà lórí ìwé ìrìnnà rẹ ni kí o kọ. Bí o bá ní ìwé ìrìnnà méjì tí òfin orílẹ̀-èdè méjèèjì sì gbà bẹ́ẹ̀, kọ méjèèjì bí àyè bá wà. Ẹ̀yà ní ìlà tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí náà ní ìlà tirẹ̀, ó sì lè má bá ìwé ìrìnnà rẹ mu, torí wọ́n lè bí ènìyàn sí ibi tí kì í ti í ṣe ọmọ onílùú.